Ẹ̀tẹ̀: Oògùn Ti Padà Dé, Ṣùgbọ́n Iṣan Ọwọ́ Kì Í Dúró De Oògùn

Lọ́dún 2024, ìròyìn méjì tó ta ko ara wọn ló jáde nípa àrùn ẹ̀tẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Jọ́dáànì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tí àjọ náà fọwọ́ sí pé ó ti mú ẹ̀tẹ̀ kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọn kò ti rí ẹnikẹ́ni tó kó àrùn náà nínú ilẹ̀ wọn. Ní ọdún kan náà yìí, lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, oògùn ẹ̀tẹ̀ tán láwọn ilé ìwòsàn. Àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kò rí èyí tó kù gbà, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn náà lára wọn kò rí èyí tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe owó ló fà á. Ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí káàkiri àgbáyé láti ọdún 1995, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sì ń pín in fún àwọn ìjọba. Ìlànà tuntun tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣàyẹ̀wò àwọn oògùn tó ń wọlé láti òkè òkun ló dá ẹrù náà dúró. Ó di oṣù kẹta ọdún 2025 kí oògùn tuntun tó wọlé láti Íńdíà.

Àwọn oníròyìn kọ púpọ̀ lórí àìsí oògùn náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ìròyìn náà kò fẹjú mọ́, òun gan-an ló sì kan ilé kọ̀ọ̀kan wa jù. Oògùn ẹ̀tẹ̀ máa ń pa kòkòrò àrùn náà. Kì í jí iṣan tó ti kú dìde. Ẹni tí kò bá dé ilé ìwòsàn títí ìka ọwọ́ rẹ̀ fi ká kò, kódà bí oògùn bá kún àká, yóò wo àrùn sàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Nínú iye tó lé ní 180,000 ènìyàn tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn lágbàáyé lọ́dún 2023, ó lé ní 9,000 tí ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ojú wọn ti bàjẹ́ débi tí a lè fojú rí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ elétò ìlera. Ìyẹn jẹ́ bí ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Nàìjíríà, ìpín náà ga ju èyí lọ. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé àwọn ènìyàn wa ń pẹ́ nílé kí wọ́n tó jáde.

Kí ló ń mú wọn pẹ́? Ìtìjú wà níbẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó ṣáájú ìtìjú ni pé àrùn náà kì í dun ènìyàn níbẹ̀rẹ̀. Bí ehín bá ń dun ènìyàn, kò ní sùn. Bí inú bá ń run ún, ilẹ̀ kò ní mọ́ kó tó wá nǹkan ṣe. Àbàwọ́n tí kò yún ni, tí kò ta ni, tí kò rùn, ta ni yóò pa ọjà tì nítorí rẹ̀?

Kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀ ni dókítà ará Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Háńsẹ́nì rí lọ́dún 1873. Ọ̀lẹ ni láàárín àwọn kòkòrò àrùn. Ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn máa ń di méjì láàárín ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀. Èyí máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀kan tó di méjì. Nítorí náà, láti ìgbà tó bá wọ ara ènìyàn títí tí àmì àkọ́kọ́ yóò fi hàn lè tó ọdún márùn-ún, ó sì lè tó ogún ọdún. Ẹni tó ń béèrè pé, "Níbo ni mo ti kó o?" kò ní rí ìdáhùn sí i.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ nípa kòkòrò yìí ni pé kò fẹ́ràn ooru. Ibi tó tutù lára ló ń wá: awọ ara, imú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Inú iṣan ìmọ̀lára ló sì fẹ́ràn láti gbé jù. Iṣan tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn iṣan funfun bí okùn tó ń gbé ìròyìn láti awọ ara lọ sí ọpọlọ ni, tí wọ́n sì ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ padà wá sí ẹran ara kí ọwọ́ lè dì, kí ẹsẹ̀ lè gbé. Láwọn ibì kan, irú iṣan bẹ́ẹ̀ súnmọ́ awọ ara gan-an. Ọ̀kan wà lẹ́yìn egungun ìgúnpá, níbi tí a máa ń fi kọ nǹkan tí ọwọ́ á fi jà wìì dé ìka kékeré. Ọ̀kan wà ní ọrùn ọwọ́, lápá àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún kọjá, nísàlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn kókósẹ̀ tó kọjú sí inú. Ìwọ̀nyí ni ẹ̀tẹ̀ ń bá jà jù. Iṣan náà á wú, ihò tóóró tó gba kọjá á fún un pa, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn kò ní lè kọjá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ẹni ọdún 34 ni, ó ń dín àkàrà láàárọ̀. Àbàwọ́n kan yọ sí i lápá ọ̀tún, lẹ́yìn ìgúnpá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré. Kò funfun báláú, ó kàn mọ́lẹ̀ ju awọ ara rẹ̀ yòókù lọ ni. Ó gbẹ, irun orí rẹ̀ ti ń re. Nígbà tí òógùn bá bò ó nídìí iná, gbogbo apá á tutù, ojú ibẹ̀ nìkan ni yóò gbẹ. Ó rò pé làpálàpá ni. Ó ra ìpara lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó fi pa á fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí kò lọ, tí kò sì dùn ún, ó gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni ó yẹ kó kó ìpayà bá a, ṣùgbọ́n ó rò pé ara ti ń yá ni. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ló rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà ti bó, ó sì ti lé ròrò. Òróró gbígbóná ló ta sí i, kò sì mọ̀. Ó ní, "Kò dùn mí rárá." Wọ́n fi oyin pa á, ó jinná.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, owó ẹyọ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ di wàhálà. Ìpọnkàrà ń yọ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òróró wà lára rẹ̀. Àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ọwọ́, níbi tó máa ń yọ gbọ̀nkú bí a bá pa ìka pọ̀, ti wọ inú. Àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ kékeré ni. Àwọn mìíràn ní ayé ló fọwọ́ bà á nítorí pé ọjà rẹ̀ ń tà. Nígbà tó fi máa tó ọdún méjì sí ìgbà tí àbàwọ́n yọ, ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀lé e ti ká kò bí èékánná àṣá, kò lè nà wọ́n mọ́. Ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn tó wá pe orúkọ àrùn náà.

Ẹ wo iye ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún un ṣáájú. Ní ti àbàwọ́n tí kò mọ nǹkan lára, oògùn nìkan ì bá tó, ọwọ́ náà ì bá sì wà ní pípé. Nígbà tí òróró jó o tí kò mọ̀, iṣan ti ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ náà kò tíì pẹ́. Oṣù mẹ́fà ni àwọn onímọ̀ máa ń fi ṣe ààlà: iṣan tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ agbára rẹ̀ nù, bí a bá fún ẹni náà ní oògùn tó ń mú kí wíwú rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó padà, yálà pátápátá tàbí díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí ń dín kù. Nígbà tí ìka ti ká, iṣẹ́ di ti àwọn tó ń ṣe ìfọwọ́ra àti ti oníṣẹ́ abẹ.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ nílé? Òwú lásán ni ẹ nílò. Ẹ yí orí òwú títí yóò fi ní ṣóńṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ẹni náà níbi tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ojú rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kó lè mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Lẹ́yìn náà, kó di ojú. Gbogbo ìgbà tó bá mọ̀ pé nǹkan kan òun, kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibẹ̀. Ẹ kan ara tó dá, ẹ kan àárín àbàwọ́n náà, ẹ padà sí ara tó dá, láìtẹ̀lé ètò kan tó lè fi mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi òwú gbá ara. Ẹ kàn án lásán ni. Bó bá ń tọ́ka sí ara tó dá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan nígbà tí ẹ kan àbàwọ́n náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tí ẹ tún ń dúró dè. Làpálàpá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ nípọn ju èyí tí òwú lè sọ nǹkan nípa rẹ̀ lọ. Níbẹ̀, báírò làwọn elétò ìlera máa ń lò. Wọn yóò fi ẹnu rẹ̀ tẹ ara díẹ̀, kó kàn wọ inú bíńtín, wọn kò ní gún un. Wọn yóò ṣe é ní ìdí àtàǹpàkò, ní ìdí ìka ọmọńdinrín, ní orí ìka méjèèjì, àti ní abẹ́ ẹsẹ̀ níbi ọmọ-ìka ńlá, ibi ọmọ-ìka kékeré àti gìgísẹ̀. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ìka ọmọńdinrín tó kú ń sọ fún wa nípa iṣan ìgúnpá. Àtàǹpàkò àti àwọn ìka tó tẹ̀lé e ń sọ nípa iṣan ọrùn ọwọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń sọ nípa èyí tó wà lẹ́yìn kókósẹ̀.

Ní ti agbára, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ní kí aláìsàn di ọwọ́ mú kí wọ́n fi wò ó. Èyí kì í tètè fi nǹkan hàn, torí àwọn ẹran apá tó lágbára máa ń bo àṣìṣe àwọn kékeré tó wà nínú ọwọ́. Èyí tó dára jù ni pé kí ó na ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó ya ìka ọmọńdinrín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi ìka tiyín tì í padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún fi bébà pẹlẹbẹ kan sáàárín ìka méjì kí ó fi wọ́n pọ̀ mú un, kí ẹ wá fà á. Ọwọ́ tó dá kò ní jẹ́ kó lọ ní wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, kó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kó gbé àtàǹpàkò sókè tààrà bí òpó, kí ẹ tì í. Ní ti ẹsẹ̀, kó jókòó, kó fi gìgísẹ̀ sílẹ̀, kó gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí bàtà ìtẹ̀sílẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan láìmọ̀, tàbí tó ń fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe èyí fún. Ìgbà gbogbo ni kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wé òsì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló ń sọ̀rọ̀ jù.

Ojú náà wà níbẹ̀: bí ènìyàn bá rọra di ojú bí ẹni ń sùn, tí ìpéǹpéjú kan kò pàdé dáadáa, iṣan ojú ló kàn.

Àwa Mùsùlùmí ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kò ní. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ la ń fi omi kan ọwọ́ dé ìgúnpá, ojú, àti ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Àwọn ibi tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà jù gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ṣàkíyèsí pé omi tutù kan ọwọ́ kan tó sì gbọ̀n, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kejì kò mọ̀, ti gbọ́ ìròyìn kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní, tí kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀gún gún un. Èmi rò pé àwọn ààfáà ilé kéwú tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àlùwàlá ló lè tètè rí i lára ọmọdé ju dókítà lọ, torí àwọn ló ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lójoojúmọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó bá kú ni ẹ̀tẹ̀, kí a má dẹ́rù ba ara wa. Àrùn àtọ̀gbẹ máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń kàn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀, kò sì ní àbàwọ́n. Àyẹ̀wò ṣúgà á sọ bó bá jẹ́ òun. Àwọn tó ń ránṣọ, àwọn tó ń di irun, àti àwọn aláboyún náà máa ń ní ọwọ́ tó ń kú lóru, láti àtàǹpàkò dé ìka àárín, tó máa ń jí wọn lójú oorun. Iṣan ọrùn ọwọ́ tó há ni ìyẹn, kò bá ẹ̀tẹ̀ tan. Ibi tí ẹ̀tẹ̀ ti yàtọ̀ ni pé ó máa ń mú iṣan kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, iṣan náà sì máa ń nípọn lábẹ́ awọ bí okùn tí ènìyàn lè fọwọ́ yí.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń yọ àwọn aláwọ̀ àràmàndà lẹ́nu láìnídìí. Àwọn tí awọ ara wọn funfun báláú bí ẹfun níbì kan, tí ìmọ̀lára wọn sì pé, kì í ṣe adẹ́tẹ̀. Èdè Lárúbáwá fi ìyàtọ̀ sí i: "báráṣì" ni ara funfun, "júsáámù" ni ẹ̀tẹ̀ tó ń jẹ ìka. Inú Àlùkùránì, nígbà tí Ọlọ́hun ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu Ànábì Ísà, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ wá láti ara báráṣì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ń túmọ̀ rẹ̀ sí adẹ́tẹ̀. Ẹni tó ní ara funfun ti sanwó ìtumọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kódà nídìí ìgbéyàwó.

A tún ní láti sọ ààlà àyẹ̀wò òwú. Àwọn kan wà tí àrùn náà pọ̀ lára wọn, tí àbàwọ́n wọn pọ̀ káàkiri, tó sì jẹ́ pé wọ́n ṣì ń mọ̀ bí òwú bá kàn wọ́n. Àwọn mìíràn kò ní àbàwọ́n rárá, iṣan nìkan ló ń bàjẹ́. Nítorí náà, bí òwú bá sọ pé kò sí nǹkan, tí ọwọ́ sì ń rọ, ilé ìwòsàn náà ni.

Níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ọ́fíìsì kan náà ló ń bójú tó méjèèjì ní Nàìjíríà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo ń sọ èyí torí pé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ọ̀dọ́ tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré lè má tíì rí adẹ́tẹ̀ kan rí láyé rẹ̀. Láti ọdún 1998 tí Nàìjíríà ti dé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní kíkásẹ̀ ẹ̀tẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn kí iye aláìsàn má tó ẹnì kan nínú 10,000, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Kò parí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí wọ́n ń rí àrùn náà lára wọn lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè wa. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ elétò ìlera tó kọ ìpara fún yín láìkan àbàwọ́n náà, ẹ sọ fún un tààrà pé, "Kò mọ nǹkan lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dán an wò."

Oògùn náà jẹ́ mẹ́ta tó wà nínú páálí kan: rifampisíìnì, dápúsóònù àti kilofasimíìnì. Páálí kan wà fún ọjọ́ 28. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó lo èyí tó pọ̀ lójú elétò ìlera, ẹ ó máa lo ìyókù nílé lójoojúmọ́. Ẹni tí àbàwọ́n rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ yóò lo páálí mẹ́fà. Ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò lo 12. Ìtọ̀ yóò pọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá lo rifampisíìnì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Awọ ara lè dúdú sí i nítorí kilofasimíìnì, yóò sì mọ́ padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni lílò rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè lò ó nídìí sààrì tàbí ìṣínu, kó kàn sọ fún elétò ìlera rẹ̀. Bí àgọ́ ara, àwọ̀ ojú, tàbí awọ ara bá yí padà lójijì sí búburú, bí ara bá ń bó tàbí ojú bá pọ́n rúsúrúsú bí epo, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ sì sáré padà lọ.

Nǹkan kan ṣì wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí ènìyàn ti ń lo oògùn fún oṣù díẹ̀, àbàwọ́n á ṣàdéédéé wú, á pọ́n, iṣan á sì máa dun ún. Wọ́n á ní oògùn òyìnbó kò bá a lára mu, wọ́n á sì dá a dúró. Ara fúnra rẹ̀ ló ń bá òkú kòkòrò jà, ìjà náà sì lè pa iṣan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ láìdun ènìyàn rárá, kí ọwọ́ kàn máa rọ lọ. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò bébà àti báírò fi gbọ́dọ̀ máa wáyé lóṣooṣù, kódà lẹ́yìn tí oògùn bá ti parí. Lásìkò bẹ́ẹ̀, dókítà yóò fún un ní purẹdinisólóònù, tí wọn yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ má ṣe lọ rà á fúnra yín nílé oníkẹ́míìsì. Ó ń mú ṣúgà ga, ó ń ta ọgbẹ́ sínú ikùn, ó sì lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn. A kò sì ní tìtorí rẹ̀ dá oògùn ẹ̀tẹ̀ dúró.

Ibí yìí ni àìsí oògùn ọdún 2024 ti burú jù lójú mi. Páálí 12 yẹn, inú oṣù 18 ló gbọ́dọ̀ parí sí. Ẹni tó ti lo mẹ́rin, tí kò sì rí ìkarùn-ún títí ọdún fi yípo, kò ní ààyè púpọ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n sì rí àrùn lára rẹ̀ lóṣù kejì ọdún náà, tí wọ́n ní kó lọ máa dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má rò pé ẹ̀ka ìlera yóò wá a kàn. Kó padà lọ, kí wọ́n yẹ iṣan rẹ̀ wò lákọ̀tun.

Ní ti ìtìjú: nǹkan bí ènìyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn lè ṣẹ́gun kòkòrò yìí láìṣàìsàn. Ìmí àti ikọ́ ẹni tí kò tíì gba ìtọ́jú ló ń gbé e, lẹ́yìn ìbágbépọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bíbọ ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kíkírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sáàfù kan kì í kó o ranni. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Kò sí ìdí tí ọkọ fi gbọ́dọ̀ lé e padà sílé bàbá rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí gbogbo ará ilé lọ ṣàyẹ̀wò; Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láti ọdún 2018 pé kí wọ́n fún àwọn tó ń bá aláìsàn gbé ní rifampisíìnì ẹ̀ẹ̀kan péré láti dín ewu wọn kù, níbi tí ètò rẹ̀ bá wà.

Ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá, kò tíì parí fún un. Ọgbẹ́ tí kò mọ̀ ló ń jẹ ìka rẹ̀. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gé e. Kó máa fi aṣọ nípọn di ìdí ìkòkò mú, kó má fi ọwọ́ dán omi gbígbóná wò, kó jẹ́ kí ọmọ tàbí ìgúnpá tó dá bá a dán an wò. Kó máa rẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sínú omi tútù fún bí ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó fi òkúta rọra ha ibi tó ti yi, kó sì fi òróró pa á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀ kó má baà là. Kó máa gbọn inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Lálẹ́, kó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sí abẹ́ iná, kí ẹnì kan nínú ilé bá a wò ó, ibi tó bá pọ́n tàbí tó bá gbóná ju ibi yòókù lọ, kó má fi rìn títí yóò fi rọ̀.